Fọ́tò ìdílé tó ń mira: kí la ó kọ tí ojú kò fi ní yí, tí ìjókòó ènìyàn kò sì ní dàrú?

Àrẹ̀mú Ọ̀fà

Ẹ kú dédé ìwòyí o, ẹ̀yin ènìyàn mi. A fẹ́ ṣe ìrántí ìyá àgbà wa, fọ́tò kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ yà ló sì kù nílé, èyí tí wọ́n ń pè ní 6 lọ́nà 4. Bàbá àgbà jókòó lápá òsì, wọ́n wọ agbádá, wọ́n dé fìlà abetí-ajá. Ìyá àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n wé gèlè, pélé mẹ́ta sì hàn kedere ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Àwọn ọmọ mẹ́ta dúró lẹ́yìn wọn, igi máńgòrò wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Mo fẹ́ kó máa mira díẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé atẹ́gùn ń fẹ́ sí wọn. Mo gbé e sínú ẹ̀rọ AI tó ń sọ fọ́tò di fídíò. Prọ́ǹpútì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí mo kọ láti fi darí rẹ̀, nìyí:

```
A beautiful old African family photo, grandparents smiling,
children laughing, cinematic, camera moves around them
```

Ohun tó jáde kì í ṣe ìdílé wa mọ́. Ìyá àgbà yọ eyín tí ẹnikẹ́ni nílé wa kò rí rí, pélé wọn pòórá, awọ ojú wọn ń dán bí ti ọmọge. Ọmọkùnrin tó dúró ní ìkángun ọ̀tún di ọmọ ẹlòmíràn. Kámẹ́rà sì rìn lọ sápá òsì, ó lọ gbé ọkùnrin kan wá tí kò bá wa ya fọ́tò rárá. Kí ni ó yẹ kí n kọ?

Ìyá Adùnní, Ọ̀mù-Àrán

Ẹ kú ìrántí o, Ọlọ́run á tẹ́ ìyá sí afẹ́fẹ́ rere. Èmi náà ní irú rẹ̀ nílẹ̀. Fọ́tò bàbá mi ni, mo sì fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n kí àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Ohùn wọn wà lórí fóònù mi. Kí ni kí n kọ tí ẹnu wọn á fi máa bá ohùn náà lọ?

Bọ́bọ Tánkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Àrẹ̀mú, prọ́ǹpútì yín ló kéré jù. Ẹ ṣàlàyé ojú ẹnì kọ̀ọ̀kan dáadáa: ọjọ́ orí, àwọ̀ ara, bí imú ṣe rí, irú fìlà, àwọ̀ gèlè. Bí ẹ bá ti ṣàlàyé tó, ẹ̀rọ kò ní ṣìnà. Lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta pé `do not change the faces, no camera movement, no distortion`. Bí mo ṣe ń ṣe tèmi nìyẹn, ó sì ń jáde dáadáa.

Onífọ́tò Taiwo, Ìlọrin

Mọ̀mọ́, tiyín yàtọ̀ sí ti Àrẹ̀mú. Ẹ̀rọ tí ń mú ètè tẹ̀lé ohùn ni ẹ ń wá. Fáìlì ohùn bàbá ló máa darí ẹnu níbẹ̀, ohun tí ẹ bá kọ kò ní iṣẹ́ púpọ̀ tó máa ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ béèrè rẹ̀ lọ́tọ̀, èmi náà á wá dá sí i.

Àrẹ̀mú, ẹ̀rọ ti rí fọ́tò yín. Ó ti mọ iye ènìyàn tó wà níbẹ̀, ó mọ ibi tí wọ́n jókòó sí, ó mọ aṣọ tí wọ́n wọ̀. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí ẹ fẹ́ kó mira, bó ṣe máa mira mọ, àti ohun tí kámẹ́rà máa ṣe. Mẹ́ta yìí nìkan ni ẹ kọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá tún fi ṣàlàyé ohun tó ti wà nínú fọ́tò, ẹ ń fún un láyè láti tún un yà ni. Bí ẹ bá kọ “grandmother”, ìyá àgbà tó ti rí nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fídíò ló máa rántí, díẹ̀díẹ̀ ojú ìyá yín á sì máa sún lọ bá ojú ìyẹn.

Bọ́bọ Tánkẹ̀, àlàyé kíkún tí o sọ yẹn wúlò nígbà tí kò bá sí fọ́tò, tó jẹ́ pé láti inú ọ̀rọ̀ nìkan ni fídíò ti máa jáde. Ibi tí o ti rí i bá a ni pé ó yẹ kí ẹ̀rọ mọ ẹni tí à ń bá wí. Ṣùgbọ́n “the seated woman” ti tó. Kò nílò imú rẹ̀.

Ní ti “no” àti “do not”, ẹ ṣọ́ra. Àwọn tó ṣe Runway, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ fídíò yìí, kọ ọ́ sínú ìtọ́sọ́nà Gen-4 wọn pé kí á má lo irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, pé ó lè ṣe òdìkejì ohun tí a fẹ́. Bí o bá kọ “no camera movement”, o ti dárúkọ ìrìn kámẹ́rà fún un. Ohun tí o fẹ́ ni kí o kọ: “static camera”. Kàkà kí o kọ “don't open mouths”, kọ “mouths stay closed”. Ẹ̀rọ Kling ní àpótí tirẹ̀ fún ohun tí a kò fẹ́, ẹ̀rọ Wan náà ní in. Inú àpótí yẹn ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ, orúkọ nǹkan náà nìkan ni a sì ń kọ síbẹ̀, láìsí “no”.

Àrẹ̀mú Ọ̀fà

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ṣé kí n kàn kọ “static camera” kí n sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Onífọ́tò Taiwo, Ìlọrin

Rárá o. Fídíò ni wọ́n kọ́ ẹ̀rọ náà láti máa ṣe, nǹkan kan gbọ́dọ̀ mira. Bí ẹ kò bá sọ ohun tó máa mira, òun fúnra rẹ̀ á yàn, ojú ènìyàn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ yàn: á mú wọn rẹ́rìn-ín, á mú wọn yí orí. Ẹ wá ibi tí mímira kò ti lè ba nǹkan jẹ́, kí ẹ sì darí rẹ̀ síbẹ̀. Nínú fọ́tò yín, ewé máńgòrò ni àkọ́kọ́. Ewé tó bá yí díẹ̀, ta ló máa mọ̀? Lẹ́yìn rẹ̀ ni etí gèlè àti ìṣẹ́po agbádá. Ara ènìyàn, ẹ fi mọ sí mímí àti ṣíṣẹ́jú.

Ohun kan ni mo máa ń bi ara mi kí n tó kọ gbólóhùn kankan: ṣé ohun tí mo fẹ́ kó ṣe yìí máa fi ohun tí kò sí nínú fọ́tò hàn? Ẹ̀rín máa fi eyín hàn, fọ́tò kò sì ní eyín, ẹ̀rọ á fi eyín tirẹ̀ sí i. Yíyí orí máa fi ẹ̀gbẹ́ ojú tí a kò rí hàn. Kámẹ́rà tó bá lọ sápá òsì máa kọjá etí fọ́tò, ohun tó wà níbẹ̀ kò sì sí ẹni tó sọ fún un, ìyẹn ló fi wá ẹni tó máa dúró síbẹ̀ fún yín. Ìṣẹ́jú kò fi nǹkan púpọ̀ hàn, ó kàn bo ojú fìrí. Bí ojú ẹnì kan bá ti wà ní dídì tẹ́lẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ má ní kó là á.

Ẹ gbé èyí wò:

```
Static camera. Leaves behind them sway slightly in a light
breeze. The edge of the seated woman's headscarf stirs.
Everyone keeps their pose, breathing gently. The seated man
blinks once. Mouths stay closed.
```

Ẹ rí i pé mi ò kọ “old photo” síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń fa ìlà funfun àti ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn tó ń kú bíi fíìmù àtijọ́ wá, nígbà mìíràn ẹ̀rọ á tilẹ̀ mú ìwé fọ́tò fúnra rẹ̀ mira bí ìwé. Nítorí ìyẹn, bí etí funfun bá yí fọ́tò yín ká, ẹ gé e kúrò kí ẹ tó fi sí i. “Cinematic” náà, ẹ yọ ọ́. Ìrìn kámẹ́rà àti àwọ̀ tuntun ló sábà máa ń bá a wọlé.

Ọmọ Alfa, Ìsàlẹ̀ Kọ́tọ̀

Ẹ má bínú sí mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o. Àmọ́ ẹni tó ti kú tí a wá ń mú kó ṣẹ́jú, ṣé ọkàn yín gbà á? Bàbá mi ní tàwọn kò gbà á. Fọ́tò lásán kò dà bí èyí.

Àrẹ̀mú Ọ̀fà

Alfa, a ti jókòó sọ ọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé ewé àti aṣọ nìkan ni kó mira. Àwọn àǹtí mi ní ìṣẹ́jú bàbá kò burú. A kò tíì fẹnu kò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí èyí tó máa jáde ná.

Àlàmú Ìgbàjà

Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan kún un, nítorí ọmọ ìkángun ọ̀tún tí ojú rẹ̀ yí. Prọ́ǹpútì nìkan kọ́ ló fa ìyẹn. Wan 2.1 ni mo ń lò lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì mọ bó ṣe ń ṣe é nínú. Kò ṣiṣẹ́ lórí písẹ̀lì tààrà. Á kọ́kọ́ fún àwòrán pọ̀: písẹ̀lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró á di àmì kan ṣoṣo, lẹ́yìn náà ló máa tú u padà. Bí fídíò yín bá jẹ́ 720 lọ́nà 480, gbogbo àwòrán ti di àmì 90 lọ́nà 60. Ọmọ tó dúró lẹ́yìn, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó písẹ̀lì 40, àmì 5 péré ló kù fún ìbú ojú rẹ̀. Inú àmì 5 yẹn ni ojú méjèèjì, imú àti ẹnu máa gbà. Kò sí gbólóhùn tó lè dáàbò bo ojú tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Ó máa tún un rò ni.

Nítorí náà, ẹ wọn ojú tó kéré jù nínú fọ́tò yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá lè fi ìwọ̀n tó tóbi ṣe fídíò náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ìbú àti gíga fídíò sì bá ti fọ́tò mu. Tiyín jẹ́ 6 lọ́nà 4, 720 lọ́nà 480 bá a mu gẹ́lẹ́. Bí ẹ bá tì í sínú 832 lọ́nà 480, yálà kó gé orí gèlè tàbí kó fa gbogbo wọn fẹ̀. Ẹ ò tíì kọ ọ̀rọ̀ kan, ìjókòó ti dàrú.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń lo Wan nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ ComfyUI kì í kíyè sí. Àpótí ohun tí a kò fẹ́ yẹn ti ní ọ̀rọ̀ Ṣáínà nínú láti ilé. Ara rẹ̀ ni èyí:

```
静态
静止不动的画面
```

Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí àwòrán má dúró sójú kan. Ìwọ ń kọ “static camera” lókè, ìsàlẹ̀ ń sọ pé kí ohunkóhun má dúró jẹ́ẹ́. Ẹ pa méjèèjì rẹ́, ẹ wò ó bóyá 静止 nìkan náà wà níbẹ̀, kí ẹ pa òun náà. Àmọ́ bí ẹ bá gbé CFG, nọ́ńbà tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yín tó, sí 1, bí àwọn tó fẹ́ kó yára ṣe ń ṣe, kò ka ohunkóhun tó wà nínú àpótí yẹn rárá.

Bọ́bọ Tánkẹ̀

Ẹ̀gbọ́n Àlàmú, ẹ kò ṣe sọ èyí látijọ́! Mo ti ń bínú sí ẹ̀rọ náà lásán. Àmọ́ ti àlàyé ojú yẹn, mi ò tíì gbà tán. Fọ́tò ọ̀rẹ́ mi kan tí mo ṣàlàyé ojú rẹ̀, kò yí.

Onífọ́tò Taiwo, Ìlọrin

Báwo ni ojú ọ̀rẹ́ rẹ ṣe tóbi tó nínú fọ́tò náà?

Bọ́bọ Tánkẹ̀

Orí àti èjìká nìkan ni. Ojú rẹ̀ gba ìdajì àwòrán.

Onífọ́tò Taiwo, Ìlọrin

Ìdáhùn nìyẹn. Ojú tó tóbi báyẹn, ẹ̀rọ ní ohun púpọ̀ láti dì mú. Yọ àlàyé yẹn kúrò, lo síìdì kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, má yí nǹkan mìíràn, kí o gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ kọ́ ló ṣiṣẹ́.

Àrẹ̀mú, ó ku bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá nǹkan yí. Ẹ má wo fídíò lásán, ojú ènìyàn máa ń bá ìyípadà díẹ̀díẹ̀ lọ láìmọ̀. Férémù tó kẹ́yìn, ìyẹn àwòrán ìparí nínú fídíò, ni kí ẹ fi ètò ffmpeg yọ lórí kọ̀ǹpútà, ibẹ̀ ni ojú ti jìnnà jù sí fọ́tò:

```
ffmpeg -sseof -0.2 -i idile.mp4 -update 1 ipari.png
```

Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè dá fídíò dúró ní ìparí kó sì ya ojú fóònù. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fọ́tò tòótọ́ nínú gálárì, kí ẹ máa fi ìka yí lọ yí bọ̀. Ẹsẹ̀ àga ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ẹsẹ̀ àga bá fò láti férémù kan sí èkejì, kámẹ́rà ti rìn, ohun yòówù kí ẹ ti kọ. Bí àga bá dúró tí gèlè sì ti ga sí i, orí ló gbéra. Ìgbà tí méjèèjì bá dúró ni ẹ tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá, igun ètè, àti etí fìlà bàbá.

Ẹ má sì béèrè fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ẹ gba 5. Bí fídíò bá ṣe ń gùn ni ojú ń jìnnà sí fọ́tò. Bí 5 bá kéré fún yín, ẹ fi CapCut da ẹ̀dà rẹ̀ kọ ẹ̀yìn, kí ẹ so ó mọ́ ìdí èyí àkọ́kọ́: á lọ, á padà, á sì parí síbi tí fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀. Ewé àti gèlè kò ní fi hàn pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ. Èéfín tàbí ẹni tó ń rìn ló máa tú àṣírí.

Àrẹ̀mú Ọ̀fà

Ó ti jáde o. Ọkùnrin àjèjì ti lọ, àga kò fò rárá. Gèlè ń mì díẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Bàbá àgbà ṣẹ́jú, ó dà bíi tiwọn gan-an, àǹtí mi sunkún. Ohun méjì ló kù. Ọmọ ìkángun ọ̀tún yẹn sàn ju tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ ní ìparí, ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ sí i. Pélé ìyá àgbà sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ kó tó di ìparí, ìlà kan ti parẹ́, méjì tó kù ti rọ̀ bí àbùkù awọ lásán.

Onífọ́tò Taiwo, Ìlọrin

Fún ọmọ yẹn, ẹ má bá prọ́ǹpútì jà mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí àga kò fò, ọ̀nà tó dájú wà. Nínú CapCut, ẹ fi fídíò sísàlẹ̀, ẹ gbé fọ́tò tòótọ́ lé e lórí gẹ́gẹ́ bí `Overlay`, kí wọ́n bára mu láti etí dé etí. Ẹ tẹ `Mask`, ẹ fi òbìrìkìtì sí ojú ọmọ náà nìkan, kí ẹ fa `Feather` díẹ̀ kí etí rẹ̀ má bàa hàn. Ojú inú fọ́tò gan-an ni ènìyàn á máa wò, ewé á sì máa mì lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ọmọ tó dúró lẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa wá ìṣẹ́jú lójú rẹ̀.

Ibi tó ti ń já kulẹ̀ ni àwọ̀. Fídíò lè mọ́lẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, ojú tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn á wá dúdú ju ọrùn lọ. Ẹ wo ìṣẹ́jú-àáyá tí ìyàtọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, kí ẹ gé fídíò níbẹ̀ kí ẹ tó da á kọ ẹ̀yìn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ sábà máa ń dára.

Ìyá Adùnní, Ọ̀mù-Àrán

Onífọ́tò, ṣé mo lè fi òbìrìkìtì yẹn sí ojú bàbá mi kí ẹnu nìkan máa mira?

Onífọ́tò Taiwo, Ìlọrin

Ẹ lè ṣe é, Mọ̀mọ́, bí orí bàbá kò bá kúrò lójú kan. Ẹ fi òbìrìkìtì bo iwájú orí àti ojú, ẹ jẹ́ kí ó dúró lókè imú. Ìsàlẹ̀ imú ni kí fídíò ti máa hàn. Bí orí bá ń mì bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, á dà bíi pé ojú lẹ̀ sára ògiri.

Àlàmú Ìgbàjà

Ní ti pélé, èmi náà ti bá a jà, fọ́tò ìyá ìyá mi ni. Ohun tí mo rò ni pé ẹ̀rọ ń ka ìlà náà sí wúnrúnwùnrùn àwòrán àtijọ́ tàbí hunjọ ara, ó sì ń “tún un ṣe”. Mo kọ “three short scars on her cheeks stay unchanged”. Ìlà náà dúró lóòótọ́, àmọ́ ó nípọn ju ti ìyá lọ, èyí tó sì ya mí lẹ́nu, ó yọ irú rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí kò kọlà rárá. Mo yọ ọ̀rọ̀ náà, ìlà tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá.

Bọ́bọ Tánkẹ̀

Bóyá “scars” ló fà á. Bí wọ́n bá kọ “tribal marks” ńkọ́?

Àlàmú Ìgbàjà

Mo gbé ìyẹn náà wò. Ọ̀dà funfun ló fi kun ojú wọn, bí ẹni tó ń lọ ṣeré orí ìtàgé.

Onífọ́tò Taiwo, Ìlọrin

Èmi kì í dárúkọ ìlà rárá. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n mú kí ìlà hàn dáadáa nínú fọ́tò kí n tó fi sẹ́rọ: mo máa ń ya fọ́tò náà lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kí bébà má dán, màá fi kún ìyàtọ̀ dúdú àti funfun díẹ̀, n kò sì ní lo ẹ̀rọ tí ń mú awọ dán. Ó ń ran pélé tó jinlẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, bí irú àbàjà tó ti ṣá pẹ̀lú ọjọ́ orí, kì í dúró lọ́wọ́ mi. Àwọn yẹn, òbìrìkìtì ni mo fi ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

Àrẹ̀mú Ọ̀fà

Màá tún fọ́tò náà yà lẹ́bàá fèrèsé lọ́la kí n tó tún gbé e sẹ́rọ. Bí ìlà yẹn bá tún parẹ́, màá fi òbìrìkìtì bo gbogbo ojú ìyá, màá jẹ́ kí gèlè nìkan máa mì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi á tilẹ̀ fẹ́ ìyẹn jù.